IRR mú ìdáhùn méjì wá fún iṣẹ́ kan ṣoṣo: èwo ni ká gbà?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣúná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ìwakùsà kan ni mo ń ṣírò. Lónìí, 1,000 yóò jáde. Ní ìparí ọdún kìíní, 2,500 yóò wọlé. Ní ìparí ọdún kejì, 1,540 yóò tún jáde, torí a gbọ́dọ̀ dí kòtò, ká sì tún ilẹ̀ náà ṣe. Èlé tí ilé-iṣẹ́ wa fi ń wọn gbogbo iṣẹ́ ni 8%. Mo kọ IRR, ìyẹn èlé tó ń sọ èrè iṣẹ́ lójú owó òní di òdo, sínú Excel, ó mú 10% wá. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lo fáìlì kan náà, àmọ́ ó fi àbá 50% sí i, ìyẹn ibi tí Excel á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn, 40% ló rí. Èwo ló tọ̀nà? Àbí nígbà tí méjèèjì ti ju 8% lọ, ṣé ká kúkú gba iṣẹ́ náà ni?

Máfowóṣòfò

Bí ìdáhùn bá di méjì, èyí tó kéré ni kí ẹ mú. 10% nìyẹn, ó sì ju 8% lọ, ẹ tẹ̀ síwájú. 40% yẹn kì í ṣe òótọ́, àbá tí ẹnìkejì yín fi sí i ló ṣi Excel lọ́nà. Ibi gbogbo tí àmì owó bá ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, láti jíjáde sí wíwọlé àti láti wíwọlé sí jíjáde, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn: IRR á di méjì, ẹ ó sì mú èyí tó kéré.

Ìyá Oníṣirò

Máfowóṣòfò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìmọ̀ràn yẹn náwó. Excel ò ṣìnà. Ẹ fi 10% dán an wò: tí ẹ bá fi 1.1 pín 2,500, ẹ ó rí 2,272.73, tí ẹ bá fi 1.21 pín 1,540, ẹ ó rí 1,272.73. Ẹ yọ èkejì kúrò lára èkíní, 1,000 géérégé ló kù, ìyẹn owó tó jáde lónìí. Ẹ wá fi 40% dán an wò: 1,785.71, ẹ yọ 785.71 kúrò, 1,000 náà ni. Ìdáhùn méjèèjì pé ní ti ìṣirò. Èyíkéyìí nínú wọn kò sì sọ fún yín bóyá kí ẹ gba iṣẹ́ náà.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ fi 8% gangan ṣírò èrè náà lójú owó òní, ohun tí à ń pè ní NPV nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí pé NPV inú Excel gbà pé owó àkọ́kọ́ tí ẹ fún un yóò dé ní ìparí ọdún kan. Owó òní, tó wà ní B2, gbọ́dọ̀ dúró síta, kí ti ọdún kìíní àti kejì wà ní B3 àti B4:

```
=B2+NPV(8%,B3:B4)
=IRR(B2:B4)
=IRR(B2:B4,50%)
```

Ìlà àkọ́kọ́ yóò mú −5.49 wá. Iṣẹ́ náà pàdánù ní 8%, bẹ́ẹ̀ IRR méjèèjì ju 8% lọ! Ẹ wá yí èlé náà padà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀:

```
0%      -40.00
8%       -5.49
10%       0.00
23.2%    14.61
40%       0.00
50%     -17.78
```

Ìlà tí ẹ ó bá fi èyí yà yóò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òdo, yóò gun òkè kọjá òdo ní 10%, yóò dé téńté ní nǹkan bíi 23.2%, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ gba òdo kọjá ní 40%. Àárín 10% sí 40% nìkan ni iṣẹ́ yìí ti lérè. Àṣà tí gbogbo wa mọ̀, pé bí IRR bá ti ju èlé wa lọ ká gba iṣẹ́, dúró lórí ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá láti òkè, tó sì gé òdo lẹ́ẹ̀kan péré. Ìlà tiyín kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà àṣà yẹn ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣúná

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Mo ti ṣe é, −5.49 ni mo rí lóòótọ́. Àmọ́ kò tíì yé mi. Báwo ni iṣẹ́ tó ń pa 10%, tàbí 40% pàápàá, ṣe máa pàdánù níwájú owó tó jẹ́ 8% péré?

Ìyá Oníṣirò

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn. Ẹ tẹ̀lé owó náà lọ́dọọdún, ká wo ta ni owó ẹni wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká mú 40%. Lónìí ẹ fi 1,000 sínú iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ náà jẹ yín ní 1,400. Ó wá san 2,500. Ó ti san gbogbo gbèsè rẹ̀ tán, ó sì tún fi 1,100 lé e. 1,100 yẹn kì í ṣe èrè yín, torí pé owó dídí kòtò ń bọ̀. Láti ìparí ọdún kìíní, ẹ̀yin lẹ wá jẹ iṣẹ́ náà ní gbèsè. Lọ́dún kejì ẹ ó san 1,540. Báwo ni 1,100 ṣe máa di 1,540 láàárín ọdún kan? Àfi tó bá pa 40%. IRR ti fi dá ara rẹ̀ lójú pé ẹ rí ibì kan tí owó yẹn máa ti pa 40%, kò sì bi yín léèrè.

Ká wá mú 10%. 1,000 di 1,100; ẹ gba 2,500; 1,400 ló wà lọ́wọ́ yín ju ohun tí iṣẹ́ jẹ yín lọ. 1,400 lọ́nà 1.1 jẹ́ 1,540. Ó tún pé. Níbí, ó gbà pé 10% ni owó náà máa pa.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni IRR ní, ó sì ń fi í ṣe iṣẹ́ méjì: òun ni èrè lórí owó tí ẹ fi sínú iṣẹ́, òun náà tún ni èlé lórí owó tí iṣẹ́ náà fi sọ́wọ́ yín. Níbi tí owó bá ti ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, iṣẹ́ kejì yẹn kò sí, ọ̀kan ló kù, ìdí nìyẹn tí kò fi sí wàhálà. Tí àmì bá tún yí padà ní ìparí, iṣẹ́ méjèèjì wà, nọ́ńbà kan kò sì lè ṣe é láìtan ẹnikẹ́ni.

Nínú ọ̀ràn tiyín, owó tí iṣẹ́ náà fi sọ́wọ́ yín lọ́dún kejì pọ̀ ju 1,000 tí ẹ fi sínú rẹ̀ lọ́dún kìíní lọ. Ní kúkúrú, ẹ̀yáwó ni apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá sì yáwó ní 10% nígbà tí owó rẹ̀ ò lè pa ju 8% lọ, ó pàdánù.

Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ kan, mo ń fi háyà, owó ń wọlé lóṣooṣù fún oṣù 36. IRR mú 2% wá fún mi, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún gbìyànjú lórí ṣíìtì mìíràn, #NUM! ni mo rí. Ṣé IRR tèmi náà ti di méjì ni?

Dúró-Ṣírò

Rárá o, Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́, tiyín yàtọ̀. Owó yín jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń wọlé títí di òpin. Àmì yí padà lẹ́ẹ̀kan, IRR kan ṣoṣo ló sì wà. Oṣù kan ni 2% yẹn wà fún, torí pé oṣooṣù lẹ to owó yín. Ẹ kọ `=(1+2%)^12-1`, ẹ ó rí nǹkan bíi 26.8% lọ́dún. Ní ti #NUM!, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ kọ iye tí ẹ ra ẹ̀rọ náà láìfi àmì àyọkúrò sí i. Bí gbogbo nọ́ńbà bá jẹ́ owó tó ń wọlé, kò sí èlé tó lè sọ wọ́n di òdo.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ohun tí Máfowóṣòfò sọ. Wọ́n ní ibi gbogbo tí àmì bá ti yí lẹ́ẹ̀mejì, IRR á di méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí àmì yí padà ni iye ìdáhùn tó *lè* wà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá sì dín, méjì méjì ló ń dín. Fún àmì tó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó lè jẹ́ méjì, ó sì lè má sí rárá. Tí ẹ bá tún wá pa èlé tó wà lábẹ́ òdo tì, ẹyọ kan péré lè kù.

Àpẹẹrẹ: −1,000, 800, 800, −200. Àmì yí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá ro owó náà pọ̀ bó ṣe ń lọ: −1,000, −200, 600, 400. Àròpọ̀ tó ń gorí ara rẹ̀ yìí yí àmì lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì parí sí òdo. Èyí ti tó láti mọ̀ pé IRR kan ṣoṣo ló wà lókè òdo, nǹkan bíi 29.8% sì ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ ìwakùsà yẹn: −1,000, 1,500, −40. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mọ̀ pé ewu wà. Kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lẹ máa fi kún ṣíìtì yín, ó sì dára kí ẹ ṣe é kí ẹ tó tẹ IRR rárá. Àmọ́ tí àròpọ̀ bá yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò tíì dájú pé IRR pọ̀. Ó kàn sọ fún yín pé kí ẹ ya ìlà náà ni.

Máfowóṣòfò

Mo gba ti kọ́lọ́ọ̀mù yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni ká wá sọ fún àwọn ọ̀gá? Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́ rí. Tí mo bá gbé −5.49 lọ, wọ́n á ní kí n padà lọ mú IRR wá.

Akọ̀wé-Owó

MIRR ló yanjú gbogbo èyí. Ó ya èlé méjèèjì sọ́tọ̀, èyí tí ẹ fi ń wá owó àti èyí tí owó tó wọlé máa pa:

```
=MIRR(B2:B4,8%,8%)
```

Ẹ ó rí 7.87%. Bó ṣe ṣe é nìyí: ó kó gbogbo owó tó ń jáde wá sí òní, 1,000 àti 1,320.30, àpapọ̀ 2,320.30. Ó gbé owó tó wọlé lọ sí òpin ọdún kejì, 2,700. Èlé tó lè sọ 2,320.30 di 2,700 láàárín ọdún méjì ni 7.87%. Kò tó 8%, ẹ kọ iṣẹ́ náà. Ìdáhùn kan ṣoṣo, ìpinnu tó tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Dúró-Ṣírò

Ìpinnu náà tọ̀nà, mo gbà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ẹyọ kan bí ẹ ṣe rò, Akọ̀wé-Owó. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni tó máa san owó kòtò gan-an ṣe máa ṣe é. Nígbà tí 2,500 wọlé, ẹ yọ iye tó máa di 1,540 lọ́dún kejì, ẹ fi pamọ́ ní 8%. Iye yẹn ni 1,425.93. Ohun tó kù ni 1,074.07. 1,000 di 1,074.07 láàárín ọdún kan, èrè 7.4% nìyẹn. Òun náà ò tó 8%, ìpinnu kan náà. Àmọ́ 7.4% kọ́ ni 7.87%.

MIRR ṣe bí ẹni pé ẹ ti fi 2,320.30 sílẹ̀ láti òní, bẹ́ẹ̀ owó kòtò ò nílò kí ẹ ya ohunkóhun sọ́tọ̀ lónìí. Inú 2,500 ló ti máa jáde. Nígbà tí ìpìlẹ̀ tí ẹ fi pín èrè bá tóbi, ìdá náà á sún mọ́ 8%. Tí ẹ bá fi MIRR to iṣẹ́ mẹ́ta léra wọn, èyí tó ṣáájú lè jẹ́ nítorí bí ẹ ṣe kó owó jọ, kì í ṣe nítorí èrè rẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìjábọ̀ náà, NPV ni màá fi síwájú, màá fi ìlà rẹ̀ hàn, màá sì kọ 7.4% sábẹ́ pẹ̀lú àlàyé pé a ti ya owó kòtò sọ́tọ̀.

Akọ̀wé-Owó

Èmi ò gbà pé ìyẹn sọ MIRR di aláìwúlò. Ó ti wà nínú Excel, ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà tiyín yìí, àfi kí a máa fọwọ́ ṣe é fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí iṣẹ́ bá sì jẹ́ ọdún 15 tí owó ń wọlé tó ń jáde, ẹ ó ní láti yan ọdún tí ẹ máa ti yọ owó náà. Ẹlòmíràn á yan ọdún mìíràn, nọ́ńbà rẹ̀ á sì yàtọ̀ sí tiyín.

Dúró-Ṣírò

Òótọ́ ni ti ọdún 15 yẹn. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn: owó tó jáde gbẹ̀yìn, mo máa yọ ọ́ lára owó tó wọlé kété kó tó jáde, tí kò bá tó, mo bọ́ sí ọdún tó ṣáájú. Àmọ́ àṣàyàn ṣì ni, mi ò jiyàn.

Ẹnjiníà-Kùsà

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, torí pé owó dídí kòtò ni nọ́ńbà tó máa ń yí padà jù. Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣúná, ẹ sọ 1,540 di 1,600 nínú ṣíìtì yín. #NUM! ni ẹ ó rí. Ẹ fi àbá yòówù sí i, kò ní rí ìdáhùn, torí pé kò sí. Ìlà náà ti rì sábẹ́ òdo pátápátá. Ibi tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi −23.44. Ẹ ò ní rí èlé kankan tó máa jẹ́ kí iṣẹ́ náà lérè.

Ààlà ibẹ̀ ni 1,562.50. Tó bá jẹ́ iye yẹn gan-an, ìlà náà á kan òdo níbì kan ṣoṣo, ní 25%, IRR á sì fi tayọ̀tayọ̀ mú 25% wá. Ẹni tí kò bá ya ìlà yóò rò pé iṣẹ́ tó dára ló rí, bẹ́ẹ̀ kò sí èlé kan tó lérè lórí rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: láti 1,540 sí 1,562.50, owó kòtò fi 22.50 péré wọ́n sí i, ìdáhùn ti kúrò ní 10% àti 40%, ó di 25% kan ṣoṣo. Díẹ̀ sí i, kò sí mọ́. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìṣirò owó tí a máa ná lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kò ní fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀? NPV ní 8% kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tí owó kòtò bá fi 22.50 lé, NPV fi nǹkan bíi 19.29 dín, ẹ sì rí i kedere.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣúná

Mo ti dán 1,600 wò, #NUM! ni. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú báyìí. Mo fi 12% dán an wò, NPV di +4.46. Ṣé owó wa á wá wọ́n sí i láti 8% sí 12%, iṣẹ́ tó ń pàdánù á sì di èyí tó lérè? Ọ̀gá mi ò ní gbà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ìyá Oníṣirò

Ó bọ́gbọ́n mu tí ẹ bá rántí pé ẹ̀yáwó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fi ọ̀nà Dúró-Ṣírò ṣe é: ní 12%, 1,375 péré ló tó láti yà sọ́tọ̀ fún 1,540. 1,125 ló kù. 12.5% nìyẹn lórí 1,000, ó ju 12% lọ. Owó tí ẹ fi pamọ́ ń pa púpọ̀, nítorí náà gbèsè ọdún kejì fúyẹ́ lọ́rùn yín. Àmọ́ kíyè sí i, òótọ́ ni èyí *tó bá jẹ́ pé* owó náà máa pa 12% yẹn lóòótọ́ láàárín ọdún kan tó fi wà lọ́wọ́ yín.

Ẹnjiníà-Kùsà

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí yín nìyẹn, Mà. Owó kòtò kì í ṣe ohun tí ewu ọjà lè sọ di kékeré. Òfin ló ní ká san án, kùsà tà àbí kò tà. Kí ló dé tí a ó fi 8% tàbí 12% tí a fi ń wọn ewu ọjà dín in kù? Tí ẹ bá fi 8% dín 2,500 kù, kí ẹ fi 4% dín 1,540 kù torí pé ó dájú, ẹ ó rí 2,314.81 àti 1,423.82. NPV di −109.01. Lójú tèmi, iye yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú gbogbo ohun tí a ti kọ síbí.

Ìyá Oníṣirò

Mo gbà pé ó dájú ju owó tó ń wọlé lọ, mo sì gbà pé èlé kan náà kò yẹ kó wọn àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n 4% yẹn, níbo la ti mú un? Tí ilé-iṣẹ́ bá máa fi owó náà sí báńkì, kí ẹ fi èlé báńkì gan-an wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ inú òwò tirẹ̀ ni wọ́n máa ń yí i sí, ewu òwò náà ti wọ inú rẹ̀, 4% ò bá a mu mọ́. Ẹ tún wò ó pé owó òṣìṣẹ́ àti epo tí a fi ń dí kòtò lè wọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Dídájú pé a máa san án kò sọ pé iye rẹ̀ dájú.

Ẹnjiníà-Kùsà

Bí iye rẹ̀ ò bá dájú, ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi èlé ńlá sọ ọ́ di kékeré. Fífi èlé kún un ń jẹ́ kí ìnáwó tó léwu dà bí èyí tó rọrùn. Ẹ jẹ́ ká kúkú gbé iye owó kòtò fúnra rẹ̀ sókè.

Dúró-Ṣírò

Lórí èyí, mo dúró pẹ̀lú Ẹnjiníà. Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣúná, ẹ fi ìlà méjì sínú ìjábọ̀ yín, ọ̀kan pẹ̀lú 1,540, èkejì pẹ̀lú 1,700. Ẹ fi èlé láti 0% dé 50% ya méjèèjì sójú ìwé kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní 8%, àwọn méjèèjì wà lábẹ́ òdo. Ẹ má kọ IRR kankan sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Tí ọ̀gá bá béèrè fún un, ẹ fún un ní 10% àti 40% pa pọ̀, kí ẹ sì bi í léèrè báńkì wo ló máa gba 1,100 ní 40%.